Nígbà Tí Ọ̀rọ̀ Ìfẹ́ Bá Gbẹ Lẹ́nu Ẹ̀rọ

Ẹ kọ́kọ́ ka iṣẹ́ ìfẹ́ yìí:

*Olólùfẹ́ mi ọ̀wọ́n, mo lérò pé o ń ṣe dáadáa. Mo pàdánù rẹ púpọ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi, ìwọ sì ni oòrùn mi. N kò lè dúró láti rí yín ní oṣù tí ń bọ̀. Jọ̀wọ́ ṣe ìtọ́jú ara rẹ. Tìrẹ títí láé.*

Àpẹẹrẹ lásán ni, ṣùgbọ́n kò sí àbùkù kan nínú rẹ̀ tí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ìtumọ̀ kò ní dá mọ̀. Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi ránṣẹ́. Ọmọ Kémta ni ìyá rẹ̀, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló gbó lẹ́nu òun. Ìgbà tó wá sílé fún ọdún Lísàbí ló rí ọmọbìnrin kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, ni wọ́n bá di àfẹ́sọ́nà ara wọn. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ro ohun tó fẹ́ sọ, ó tọkàn wá, ó sì dùn lédè tó fi rò ó. Ẹ̀rọ ló sọ ọ́ di Yorùbá kí ó lè wú olólùfẹ́ rẹ̀ lórí.

Ọmọbìnrin náà kà á. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kì í ṣe Yorùbá, síbẹ̀ ó dà bí ìwé tí báńkì kọ sí oníbàárà. Orí yìí fẹ́ sọ ibi tí ọ̀yàyà inú rẹ̀ gbà lọ, àti ohun tí ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì lè ṣe kí ó tó padà wá.

Yorùbá inú ìwé ni ẹ̀rọ kọ́

Ẹ̀rọ ìtumọ̀ kì í kọ́ èdè bí ọmọdé ṣe ń kọ́ ọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Gbólóhùn méjì méjì ni wọ́n ń kó fún un, ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì, èkejì ní Yorùbá, tí ìtumọ̀ wọn bá ara mu. Bí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ tó, á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń bá ọ̀rọ̀ rìn. Nítorí náà, irú ìwé tó kà ni yóò pinnu irú Yorùbá tó máa sọ.

Abẹ́òkúta sì ni apá kan ìtàn àwọn ìwé náà ti ṣẹ̀ wá. Ní 1846 ni Àjàyí Crowther dé ìlú náà pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti tún rí ìyá rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n tí ogun ti yà wọ́n. Òun àti Thomas King, tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ ńlá lórí ìtumọ̀ Bíbélì, èyí tó di odindi ní 1884. Ní 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní ìlú kan náà. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti ìròyìn: láti ìgbà náà wá, ọ̀nà méjèèjì yìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú Yorùbá tó ní ìkejì ní Gẹ̀ẹ́sì ń gbà jáde.

Nígbà tí Yorùbá wọ Google Translate ní oṣù Kejìlá 2013, ibi tí èdè náà dé lórí ìwé kò tíì yàtọ̀ púpọ̀. Ní 2019, àwọn olùwádìí kó àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní JW300 jáde, láti inú ìwé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà, fún èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta, Yorùbá sì wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí èdè ilẹ̀ Áfíríkà ló gbára lé e. Ní 2021, David Adelani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé MENYO-20k jáde. Ó ní 20,100 gbólóhùn láti inú ìròyìn, ìdánilẹ́kọ̀ọ́, fíìmù, ètò rédíò àti ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Wọ́n fi hàn pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ìwé ẹ̀sìn nìkan tọ́ dàgbà kì í ṣe dáadáa bí wọ́n bá gbé irú ọ̀rọ̀ mìíràn síwájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kò sí nínú àwọn àkójọ wọ̀nyí tó bó ṣe yẹ, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin. Ohun tí tọkọtaya ń sọ fún ara wọn lálẹ́, inú fóònù wọn ló ń gbé. Kò sẹ́ni tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì kí ó tún gbé e síta fáyé rí. Nígbà tí wọ́n bá wá ní kí ẹ̀rọ kọ̀wé sí olólùfẹ́, ohun tó sún mọ́ ọn jù lọ nínú ohun tó mọ̀ ni lẹ́tà sí ìjọ. Ẹ tún “olólùfẹ́ mi ọ̀wọ́n” àti “títí láé” gbọ́: orí pèpéle ni wọ́n ti gbó.

Bí ó ṣe ń yan ọ̀rọ̀

Àwọn ẹ̀rọ ìtumọ̀ òde òní ń gé gbólóhùn sí wẹ́wẹ́, wọ́n á sọ wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà, wọ́n á sì máa ṣírò ohun tó ṣeé ṣe jù kí ó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lo ètò Transformer tó jáde ní 2017. Ọgbọ́n náà pọ̀, ṣùgbọ́n ibi tó bá ti ṣiyèméjì, ohun tó wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó kà ló máa mú. Mẹ́ta nínú àbùkù iṣẹ́ ìfẹ́ wa ni ìwà yìí bí.

Àkọ́kọ́ ni “mo pàdánù rẹ”. Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo sọ pé ọkọ̀ lọ láìgbé ènìyàn, pé àǹfààní fo ènìyàn, àti pé àárò ẹnì kan ń sọ ni. Nínú ìròyìn, ti ọkọ̀ àti ti àǹfààní ló pọ̀, nítorí náà ẹ̀rọ lè tètè gba ọ̀nà “pàdánù”. Ṣùgbọ́n àwa mọ ibi tí a ti ń sọ pé a pàdánù ènìyàn: ibi ìsìnkú ni. Ọmọbìnrin tó wà láàyè, tó ń ta àdìrẹ rẹ̀ jẹ́jẹ́, wá gbọ́ pé olólùfẹ́ òun ti pàdánù òun.

Ìkejì ni “n kò lè dúró láti rí yín”. Ìháragàgà ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń sọ: ojú ń kán ọmọkùnrin náà. Lédè Yorùbá, ohun tó jáde ni pé kò ráyè dúró kí àwọn méjèèjì ríra. Ẹ̀rọ túmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bó ti tọ́, àpapọ̀ wọn wá di òdì kejì ohun tí ọmọkùnrin náà ní lọ́kàn.

Ìkẹta ni “rẹ” tó di “yín” láàárín ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kan ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ọmọdé, àgbà, ẹnì kan àti ogunlọ́gọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ sì ń túmọ̀ gbólóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìwo ohun tó ti yàn ṣáájú. Nínú gbólóhùn kan, àfẹ́sọ́nà ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ó dà bí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó. Ní 2016, Rico Sennrich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn, láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Jámánì, pé ènìyàn lè fi àmì sọ fún ẹ̀rọ bóyá kí ó lo ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tàbí kí ó má lò ó, ó sì ń gbọ́ràn. Èyí fi yé wa pé ìmọ̀ nípa ẹni tó ń bá ẹni sọ̀rọ̀ ló ń sọnù. Kò sí níbi kankan nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì náà. Àfi kí ẹnì kan sọ ọ́ fún un.

Àbùkù kan tún wà tí ojú kì í rí, nítorí pé ohun tí kò sí níbẹ̀ ni. Ẹ̀rọ kì í fẹ́ fi ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kò sọ kún ọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní “o kú ọjà”, kò ní “o” ìparí gbólóhùn, kò ní “ṣá”, “jàre” tàbí “gan-an ni”. Bí kò bá sí ohun tó máa pè wọ́n wá, wọn kò ní wá. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké yìí gan-an sì ni Yorùbá fi ń fi ọwọ́ kan ara ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí ara ń gbọ́

Kí ló dé tí àfẹ́sọ́nà náà kò kàn lo òye rẹ̀, kó sọ pé “ó yé mi, ìfẹ́ ló ń sọ”? Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè yé ènìyàn kí ara rẹ̀ má sì gbà á.

Ní 2003, Catherine Harris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ Tọ́kì tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n ti dàgbà. Wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ wọn níka, èyí tó ń wọn bí òógùn kékeré ṣe ń yọ lára nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wọ ènìyàn lára. Ibi tí ìyàtọ̀ ti hàn kedere jù ni ọ̀rọ̀ ìbáwí, irú èyí tí òbí máa ń sọ sí ọmọ. Èdè abínibí wọn mú kí ara wọn jí ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gbọ́ méjèèjì. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ fọwọ́ sí ni pé ibi tí a ti kọ́ ọ̀rọ̀ ń bá ọ̀rọ̀ náà rìn.

Jean-Marc Dewaele bi àwọn elédè púpọ̀ tó tó 1,459 léèrè, nínú iṣẹ́ kan tó jáde ní 2008, nípa ìwúwo gbólóhùn “mo nífẹ̀ẹ́ rẹ” nínú àwọn èdè tí wọ́n gbọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó sọ pé èdè àkọ́kọ́ ló wúwo jù. Àwọn mìíràn ní ọgbọọgba ni, àwọn kan sì ní èdè tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ló wúwo jù. Ẹ fi èyí wo àwọn méjì wa. Gẹ̀ẹ́sì ló wúwo létí ọmọkùnrin náà, nítorí náà ó gbà pé ọ̀rọ̀ gidi lòun fi ránṣẹ́. Yorùbá ló wúwo létí ọmọbìnrin náà, àmọ́ Yorùbá tó tọ̀ ọ́ wá jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò fi kẹ́ ẹ rí. Ìdí nìyẹn tí kò fi tó kí elédè méjì kàn wò ó bóyá ìtumọ̀ péye. Ó ní láti bèèrè ibi tí ẹni tó ń gbà á ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan rí.

Ìbéèrè ṣáájú àtúnṣe

Àwọn baba wa ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀wé. Bí wọ́n bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ tí wọ́n fi pàrokò sí ẹnì kan, ẹni náà á gbọ́ “ẹfà”, á sì mọ̀ pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ ń fà sọ́dọ̀ òun. Àrokò kì í yé ènìyàn bí kò bá mọ ẹni tó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Lẹ́yìn ìgbà tí ìwé dé, àwọn akọ̀wé tó ń jókòó nítòsí ilé ìfìwéránṣẹ́, tí wọ́n ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà, náà ní láti mọ ẹni tí lẹ́tà ń lọ bá kí wọ́n tó lè bẹ̀rẹ̀.

Elédè méjì tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ ẹ̀rọ fún gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ó tó pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́, ó ní ohun mẹ́rin láti bi ọmọkùnrin náà. Ta ló dàgbà nínú àwọn méjèèjì, ṣé “o” ni wọ́n ń pe ara wọn ni àbí “ẹ”? Orúkọ wo ló ń pè é tí inú rẹ̀ fi ń dùn? Kí ló ń ṣe lásìkò tí iṣẹ́ yìí máa bá a? Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín wọn ní ẹnu ọjọ́ mẹ́ta yìí?

Ká ní ó dáhùn pé “o” ni àwọn ń lò. Pé Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì rẹ̀, òun náà sì máa ń fi pè é. Pé ọwọ́ ọ̀sán ni, ọjà ló máa wà, òjò sì ń yọ wọ́n lẹ́nu nítorí aṣọ tí wọ́n sá. Àti pé lọ́jọ́ Àìkú wọ́n sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ̀rín tó rín kò kúrò létí òun. Ìdáhùn mẹ́rin yìí ni ẹ̀rọ kò ní. Iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ wàyí.

Àtúnṣe náà ní ẹsẹ̀ẹsẹ̀

Ìkíni ló ṣáájú. “Olólùfẹ́ mi ọ̀wọ́n” kúrò, oríkì rọ́pò rẹ̀. “Mo lérò pé o ń ṣe dáadáa” kì í ṣe kíkí lédè wa. Ẹni tó wà lọ́jà, ọjà la fi ń kí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìbéèrè kan tó fi hàn pé a mọ ohun tó ń bá a fínra. Láàárín ìlà kan, ọ̀rọ̀ tó lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni ti di ti ẹnì kan.

Lẹ́yìn náà, kí elédè méjì ka iye gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “mo” tàbí “n kò”. Nínú iṣẹ́ ìfẹ́ wa, mẹ́rin ni. Àmì tó dájú jù nìyí pé Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà lábẹ́ ọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ẹni tó ní ìmọ̀lára ṣe olùwà: èmi ni mo ń ṣe é. Yorùbá sábà máa ń jẹ́ kí ìmọ̀lára tàbí ẹ̀yà ara ṣe é fún ènìyàn. Àárò ló ń sọ mí, inú mi ló dùn, ọkàn mi ló ń fà, ojú mi ló wà lọ́nà. Bí a bá yí gbólóhùn padà báyìí, ìfẹ́ á di ohun tó wá bá olówó rẹ̀ tí kò sì lè lé e lọ. Nítorí náà, “mo pàdánù rẹ púpọ̀” di “àárò rẹ ń sọ mí gan-an ni”, “n kò lè dúró láti rí yín” sì di “ojú mi ti wà lọ́nà”.

Ẹ̀kẹta ni oòrùn. Ní ìlú olókùúta, nínú oṣù Kejì, oòrùn kì í ṣe ohun tí ènìyàn fi ń yin olólùfẹ́. Ohun tí ọmọkùnrin náà fẹ́ sọ ni pé òun kò ní ohun tó ṣọ̀wọ́n tó ọ; Yorùbá sì ní “ẹyinjú mi” fún ìyẹn. “Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ” ńkọ́? Kí ó dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, kò sì sí ohun tó ṣe gbólóhùn náà. Ohun tó mú kó gbẹ tẹ́lẹ̀ ni pé kò sí nǹkan kan ṣáájú rẹ̀ tó gbé e ró. Bó bá tẹ̀ lé ẹ̀rín ọjọ́ Àìkú, tí orúkọ sì tẹ̀ lé òun náà, á wúwo. “Pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi” lè lọ, nítorí “ọkàn mi ń fà sọ́dọ̀ rẹ” ti ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ìkẹyìn ni ìdágbére. “Ṣe ìtọ́jú ara rẹ” jọ ohun tí nọ́ọ̀sì ń sọ fún aláìsàn. Bí a bá fi “fún mi” kún un, tí a sì fi oúnjẹ sí i, ó di àníyàn ẹni tó fẹ́ràn ẹni. Ohun tó jáde nìyí:

*Àbẹ̀kẹ́ mi, o kú ọjà o. Ṣé òjò jẹ́ kí aṣọ gbẹ lónìí? Àárò rẹ ń sọ mí gan-an ni. Ẹ̀rín tó o rín lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú ò tíì kúrò létí mi, ọkàn mi ń fà sọ́dọ̀ rẹ ṣáá. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Àbẹ̀kẹ́. Ẹyinjú mi ni ọ́. Ojú mi ti wà lọ́nà, mò ń ka ọjọ́ títí oṣù tó ń bọ̀ á fi dé. Jọ̀ọ́, má fi ebi pa ara rẹ nítorí ọjà o. Máa tọ́jú ara rẹ fún mi. Tìrẹ ni mí.*

Kí a wá kà á sókè. Ibi tí ahọ́n bá ti kọsẹ̀, tàbí tí ohùn bá ti fẹ́ di ti oníwàásù, ibẹ̀ ṣì ń fẹ́ àtúnṣe. Kí àmì ohùn sì wà níbi tó yẹ. Bí ọmọbìnrin náà bá dáhùn “oko mi” láìsí àmì, òun mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ọmọkùnrin náà máa fi túmọ̀ rẹ̀ padà lè sọ ọ́ di oko tí wọ́n ń ro.

Ibi tó yẹ kí ọwọ́ dúró

Ẹni tí Yorùbá dùn lẹ́nu rẹ̀ máa ń fẹ́ ṣe àṣejù. “Tìrẹ ni mí” lè wù ú kí ó di “ọkọ rẹ ni”. Ọmọkùnrin náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Àfẹ́sọ́nà ni wọ́n ṣì jẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì lè dé etí àwọn òbí kí ìdána tó wáyé. Bákan náà ni “oṣù tó ń bọ̀”: a kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nítorí pé ó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀yàyà lè wọ inú ìkíni, inú ètò gbólóhùn àti inú ọ̀rọ̀ kéékèèké. Kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìlérí, ọjọ́ tàbí owó.

Oríkì náà ní ààlà. Bí kò bá jẹ́ pé ọmọkùnrin náà ti ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀, kí elédè méjì má fi sí i. Bó bá jẹ́ “bébì” ni wọ́n ń pe ara wọn, “bébì” ni kí ó kọ. Bí ó bá kó ìbàdí-àrán àti adúmáadán jọ fún ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tí kò lè pè wọ́n, ọmọbìnrin náà á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹlòmíràn ló wà nídìí ọ̀rọ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ tó kẹ́yìn kò sí lórí ìwé. Kí elédè méjì sọ ìlà kọ̀ọ̀kan padà fún ọmọkùnrin náà ní Gẹ̀ẹ́sì, títí kan èyí tí òun fi kún un, kí ó sì pa èyí tó bá sọ pé òun kò ní lọ́kàn rẹ́. Kí ó tún kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pe méjì péré nínú wọn, “o kú ọjà o” àti “àárò rẹ ń sọ mí”, kí ohùn rẹ̀ lè bá ìwé rẹ̀ mu nígbà tí ọmọbìnrin náà bá pè é lórí fóònù.